Kí fọ́tò tó kúrò lórí Fésíbúùkù: ẹ̀rí tó yẹ kó ti wà nílẹ̀

Ká ní obìnrin kan ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aládùúgbò rẹ̀ na fóònù sí i pé kó wá wo nǹkan. Fọ́tò rẹ̀ ló wà lórí péèjì Fésíbúùkù kan tó ń ta tíì tó ń fa ikùn wọlé, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé oṣù méjì péré ló fi mu ún. Kò mu tíì kankan rí. Fọ́tò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà níwájú ìsọ̀ rẹ̀ ni, tó gbé sórí Fésíbúùkù tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn èèyàn ni kó bọ́ sábẹ́ fọ́tò náà kó sì fi ọ̀rọ̀ gún ẹni tó gbé e síta. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ti ń bàjẹ́. Onítọ̀hún á rí i, á bulọ́ọ̀kù rẹ̀, á yí orúkọ péèjì padà tàbí kó pa fọ́tò rẹ́ kó tún un gbé síbòmíì, kò sì ní sí ohun tí obìnrin yìí máa fi han ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ẹjọ́ tó fi sun Fésíbúùkù bá tilẹ̀ yọrí sí rere, fọ́tò tí wọ́n yọ náà á kó ẹ̀rí lọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀rí fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹjọ́.

Oríṣi ẹ̀rí méjì ló wà, ọ̀kan kò sì lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Líǹkì ni ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì ń lò. Fọ́tò ojú fóònù ni ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ ń wò.

Líǹkì ni àdírẹ́sì ibi tí nǹkan wà gan-an. Ẹni tó ń yẹ ẹjọ́ wò ní Fésíbúùkù kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í wá péèjì kiri nípa orúkọ, nítorí ọgọ́rùn-ún péèjì lè jẹ́ orúkọ kan náà. Fún obìnrin wa yìí, líǹkì mẹ́ta ló yẹ kó gbà: ti péèjì náà, ti ohun tí wọ́n kọ síta, àti ti fọ́tò gan-an nígbà tí a bá ṣí i ní òun nìkan. Ẹni tó bá fi líǹkì péèjì nìkan ránṣẹ́ lè gba èsì pé wọn kò rí ohun tó lòdì sí òfin wọn níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé fọ́tò kan ṣoṣo láàárín igba ló ń sọ. Téèyàn bá tẹ àmì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n gbé síta, `Copy link` sábà máa ń wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú ìwé ẹnìkan ni, tí líǹkì rẹ̀ sì ní `profile.php?id=` nínú, kí a tọ́jú nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e dáadáa. Orúkọ ṣeé yí padà lójoojúmọ́, nọ́ńbà yẹn kò ṣeé yí.

Ní ti ojú fóònù, kò tó kí a ya fọ́tò nìkan. Orúkọ péèjì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ, ọjọ́ tí wọ́n gbé e síta, àwọn kọ́mẹ́ǹtì, àti aago tó wà lókè fóònù gbọ́dọ̀ hàn. Fésíbúùkù máa ń kọ `3h` tàbí `2d` dípò ọjọ́, èyí tí kò ní ìtumọ̀ lẹ́yìn oṣù kan, nítorí náà kí a kọ ọjọ́ àti àkókò tí a yà á sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ kí a ṣe fídíò ojú fóònù, láti orí péèjì títí dé orí fọ́tò, nítorí ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni sọ pé a tò ó pọ̀ ni. Lórí péèjì, kí a tún wá `Page transparency`. Ọjọ́ tí wọ́n dá péèjì sílẹ̀ àti àwọn orúkọ tó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀, nígbà míì orílẹ̀-èdè tí àwọn tó ń darí rẹ̀ wà náà á hàn. Àwọn èèyàn kì í sábà dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ayédèrú péèjì ti ń tú ara rẹ̀ fó.

Fọ́tò ìpilẹ̀ṣẹ̀ tó wà nínú fóònù obìnrin náà ló kù. Kó má fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù bíi fọ́tò lásán, torí Wọ́sáàpù máa ń fún un pọ̀, á sì yọ ọjọ́ àti irú fóònù tó yà á kúrò nínú fáìlì náà. Kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìgbà yìí ló wá tó àkókò láti fi ẹjọ́ sùn. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni `Report photo`, láti ara àmì mẹ́ta yẹn. Fésíbúùkù kì í sọ fún onítọ̀hún ẹni tó fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Kí a má sì rò pé bí ọgọ́rùn-ún ọ̀rẹ́ bá tẹ̀ ẹ́, á yá: iye ẹni tó fi ẹjọ́ sùn kọ́ ló ń mú fọ́tò kúrò. Fésíbúùkù tún ní fọ́ọ̀mù kan fún ọ̀ràn àṣírí ẹni, ẹni tó wà nínú fọ́tò gan-an, òbí ọmọdé, tàbí aṣojú rẹ̀ lábẹ́ òfin ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́.

Ọ̀nà mìíràn ni fọ́ọ̀mù ẹ̀tọ́ ẹni tó ni fọ́tò. Nítorí obìnrin náà ló ya ara rẹ̀, òun ló ni ín. Ká ní oníṣẹ́ fọ́tò ló yà á níbi ìnáwó, oníṣẹ́ fọ́tò náà ni wọ́n máa ń retí pé kó kọ fọ́ọ̀mù. Ewu kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo èèyàn mọ̀: orúkọ àti ímeèlì ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù yìí lè dé ọwọ́ ẹni tó gbé fọ́tò síta. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń dẹ́rù bani ni, ímeèlì mìíràn tí a dìídì ṣí fún un ló yẹ ká lò. Èsì á wá sínú `Support Inbox`. Kí a ya èyí náà.

Fọ́tò ìhòòhò yàtọ̀. Kí a má fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ pé kó bá wa tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ti tó ọdún 18 lè lọ sí `StopNCII.org`, níbi tí fóònù rẹ̀ fúnra rẹ̀ á ti sọ fọ́tò náà di nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn nìkan ló ń lọ, fọ́tò kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ìkànnì tó bá wọn ṣiṣẹ́, bíi Fésíbúùkù àti Tíkítọ́ọ̀kì, á sì fi máa ṣọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń gbé síta. Kò lè rí ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ Wọ́sáàpù, bí wọ́n bá sì gé fọ́tò náà, nọ́ńbà lè yàtọ̀. Ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 wà ní `takeitdown.ncmec.org`. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, líǹkì, orúkọ àti ọjọ́ nìkan ni kí a kọ sílẹ̀. Kí a má ya fọ́tò náà sínú fóònù wa rárá.

Fésíbúùkù kò ní fún obìnrin alâdìrẹ yìí ní orúkọ ẹni tó wà nídìí péèjì. Ọlọ́pàá ló lè béèrè, àgọ́ wọn tó ń rí sí ọ̀ràn ayélujára sì wà. Bí àwọn agbófinró bá kọ̀wé pé ìwádìí ọ̀ràn ń lọ, ilé-iṣẹ́ náà máa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àkáǹtì náà pamọ́ fún 90 ọjọ́ títí ìwé àṣẹ á fi dé. Bó bá dé kóòtù, abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní Nàìjíríà ń béèrè ìwé tó sọ irú ẹ̀rọ tí a fi mú ẹ̀rí jáde àti pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nítorí náà, lábẹ́ líǹkì mẹ́ta yẹn, kó kọ irú fóònù tó lò àti ẹni tó di fóònù náà mú lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.