Orúkọ Nẹ́sì-ọ́fù-kín Nínú Fọ́ọ̀mù Báńkì Kì í Ṣe Ìwé Ogún

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ẹni tí àwọn bá kọ orúkọ rẹ̀ sí àyè nẹ́sì-ọ́fù-kín ni owó báńkì àwọn máa bọ́ sí lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí àwọn bá kú. Torí rẹ̀ ni àwọn ìyàwó kan ṣe ń bá ọkọ wọn jà pé orúkọ ìyá rẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí báńkì máa pè bí wọn kò bá rí oníàkáǹtì mọ́ ni nẹ́sì-ọ́fù-kín. Bó bá máa jẹ nínú owó náà, ìwé ìhágún ló máa fún un, tàbí jíjẹ́ tó jẹ́ ẹni tí òfin tàbí àṣà fún ní ìpín nínú ogún olóògbé.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkùnrin kan ń ta páàtì mọ́tò ní Ládípọ̀, l'Ékòó. Kò tíì níyàwó nígbà tó ṣí àkáǹtì, orúkọ àbúrò rẹ̀ ló sì kọ. Nígbà tó yá, ó gbéyàwó ní rẹ́jísírì, ó bímọ mẹ́ta, kò rántí fọ́ọ̀mù yẹn mọ́. Ó kú láì ṣe ìwé ìhágún, ₦2,400,000 sì wà nínú àkáǹtì. Àbúrò gbé ìwé ẹ̀rí ikú lọ sí báńkì. Báńkì ti àkáǹtì náà pa, wọ́n ní kí ẹbí lọ gba létà ìṣàkóso ogún wá ní kóòtù.

Ẹ̀ka próbéètì, ìyẹn ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀ràn ogún, ní Kóòtù Gíga ìpínlẹ̀ ló ń fúnni ní létà yìí. Ìyàwó àti ọmọ tó ti dàgbà ló sábà máa ń béèrè fún un. Wọ́n á mú ìwé ẹ̀rí ikú ti Àjọ Ètò Ìkànìyàn dání. Kóòtù á fún wọn ní fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n á gbé lọ sí báńkì, kí báńkì kọ iye tó wà nínú àkáǹtì sí i, kí wọ́n sì lù ú lóǹtẹ̀. Wọ́n á to gbogbo ohun ìní olóògbé sílẹ̀, wọ́n á wá onídùúró, wọ́n á san owó kóòtù tí wọ́n ń ṣírò lórí iye ogún. Lẹ́yìn náà ni ìkéde á jáde nínú ìwé ìròyìn, tí ẹni tó bá fẹ́ takò á ní ọjọ́ 21. Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá takò pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ dúró nìyẹn, ó sì lè di ẹjọ́ ọdún pípẹ́, nígbà tí owó ilé ìwé àwọn ọmọ ń dúró de ẹni tó máa san án.

Bí létà bá jáde, owó náà á bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kóòtù yàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwọn; wọ́n gbọ́dọ̀ pín in. Nítorí pé rẹ́jísírì ni ìgbéyàwó náà, òfin Èkó fún aya ní ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn ọmọ sì gba ìdá méjì tó kù. Bí a kò bá tíì yọ owó kóòtù, ₦800,000 ni ti ìyàwó, ₦1,600,000 ni ti àwọn ọmọ. Àbúrò tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù kò ní kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ká wá ní ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe. Àṣà Yorùbá kò fún aya ní ìpín nínú ogún ọkọ. Àwọn ọmọ ló ni ín, ìdí-igi sì ni wọ́n máa ń fi pín in, ìyẹn ni pé àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan ló jọ ń gba ìpín kan. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dànmọ́lé fìdí èyí múlẹ̀ ní 1962. Bí olóògbé bá ní ìyàwó méjì, tí ọ̀kan bí ọmọ kan ṣoṣo, tí èkejì bí mẹ́ta, ₦1,200,000 ni ìdí kọ̀ọ̀kan á gbà. Opó tó ti gbọ́kàn lé e pé orúkọ òun wà ní báńkì á wá rí i pé orúkọ yẹn kò lè gba òun sílẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ọkọ ì bá ti tún un ṣe nígbà tó wà láyé.

Àwọn kan máa ń sáré fi káàdì olóògbé gbowó lẹ́nu ẹ̀rọ kí báńkì tó gbọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ogún láìgba àṣẹ kóòtù lè dáhùn fún ohun tó mú. Banki ní àkọsílẹ̀ ọjọ́ àti wákàtí tí owó jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ kí owó òun dé ọwọ́ ẹni pàtó, ìwé ìhágún ni kó ṣe. Kó buwọ́ lù ú lójú ẹlẹ́rìí méjì tí àwọn náà á buwọ́ lù ú lójú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ẹni tó máa jogún, tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀, ni ẹlẹ́rìí, torí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un á bọ́. Ó lè fi í pamọ́ sí ẹ̀ka próbéètì. Àwọn tó yàn gẹ́gẹ́ bí alámùúṣẹ ṣì máa lọ sí kóòtù kí báńkì tó fún wọn lówó, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí owó tọ́ sí ti wà nínú ìwé.