Orí, òjò àti ẹsẹ̀: ibi tí ìtàn inú fídíò wa lórí àyànmọ́ ti wá

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ orí kò jìnnà sí ẹnu ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà ní Balógun á ní orí òun ló ń bá òun jà. Ẹni tó ríṣẹ́ á ní orí òun ló gbe òun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ibi tí ènìyàn ti ń gba orí náà, ọ̀pọ̀ á kàn dáhùn pé àyànmọ́ ò gbóògùn, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Àwa díẹ̀ kan ní Yábàá ń ṣe fídíò oníṣẹ́jú márùn-ún lórí rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, èmi sì ni mò ń kọ ohun tí olùsọ̀tàn yóò sọ. Ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìtàn tó wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ níbí, nítorí ibi tí a bá gé ìtàn náà sí ni yóò pinnu ohun tí òǹwòran á gbà pé àwọn baba wa gbà gbọ́.

Inú ẹsẹ Ifá ni ìtàn náà ti wá, láti ẹnu babaláwo dé etí ọmọ awo. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nìyí. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wáyé: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí, kí wọ́n yan orí tí wọn yóò gbé dé ayé. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe yà sí ibikíbi lójú ọ̀nà, ì báà jẹ́ ilé baba wọn.

Nígbà tí wọ́n ń kọjá lẹ́bàá ilé Ọ̀rúnmìlà, Afùwàpẹ́ gbọ́ ìró ìrọ́kẹ́ lára ọpọ́n, ó ní òun yóò rí baba òun. Àwọn méjì yòókù kò dúró dè é. Nígbà tí wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn kò bá a nílé. Wọn kò ní sùúrù láti dúró, wọ́n bá wọlé, olúkúlùkù mú orí tó wù ú lójú. Wọn kò mọ̀ pé èyí tí wọ́n mú kò jiná dáadáa, pé ó ti sán níbi tí ojú kò tó. Bí wọ́n ti ń bọ̀ wáyé, òjò ńlá pa wọ́n, orí amọ̀ náà sì ń yọ́ títí ó fi pẹ́lẹ́bẹ́.

Ibí yìí ni fídíò mìíràn máa ń dúró. Ó rọrùn láti yà ní àwòrán, ó sì máa ń ba ènìyàn lọ́kàn jẹ́: àwọn kan yan orí burúkú láìmọ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn nìkan ti gbọ́ ìdajì.

Ìdajì kejì ni ti Afùwàpẹ́. Nílé baba rẹ̀, wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kó fi iyọ̀ àti owó ẹyọ rúbọ, wọ́n sì fún un nínú iyọ̀ àti owó náà pé kó mú un dání. Nígbà tó ń lọ, ó bá oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó bu iyọ̀ sí i fún un. Oníbodè tọ́ ọbẹ̀ náà wò, inú rẹ̀ dùn, ó sì sọ àṣírí fún un: gbèsè wà lọ́rùn Àjàlá, bí olówó bá ti dé, òkè àjà ló máa ń sá pamọ́ sí. Afùwàpẹ́ dé ibẹ̀, ó bá olówó lẹ́nu ọ̀nà, ó san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó mú un wọ inú ilé, ó fi ọ̀pá irin lu orí kan tẹ̀ lé òmíràn títí wọ́n fi rí èyí tó dún kooro. Òjò pa ìyẹn náà lójú ọ̀nà, kò ràn án.

Ní ayé, àwọn méjì àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ títí, èrè kò wọlé. Nígbà tí wọ́n lọ bi àwọn awo, wọ́n ní gbogbo èrè tí wọ́n ń jẹ ni wọ́n fi ń tún orí tí òjò ti jẹ ṣe, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lọ, bí orí bá ti kún padà ni wọn yóò rí ọwọ́ mú. Gbólóhùn yìí ni mi ò jẹ́ kí wọ́n yọ nínú fídíò wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń to àwòrán ní ó ń fa ìtàn gùn. Ohun tó sọ ni pé orí burúkú kì í sọ iṣẹ́ di asán: iṣẹ́ náà ń lọ síbì kan.

Ẹsẹ mìíràn la fi tì í lẹ́yìn, èyí tí gbogbo orí péjọ láti ṣe nǹkan, tí wọn kò pe ẹsẹ̀ sí i. Èṣù bi wọ́n báwo ni yóò ṣe gún. Ìpàdé náà tú ká, kò sì yọrí sí rere títí wọ́n fi ránṣẹ́ pe ẹsẹ̀. Ó kúrú, ìṣẹ́jú kan kò lè tán lórí rẹ̀, òun ló sì dáhùn ìbéèrè tí ọmọ Èkó sábà máa ń bi wá: bí orí bá ti pinnu, kí ni mo ń sáré fún?

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kúrò lẹ́nu bọ́ sínú ìwé ní ipa tirẹ̀. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn àlùfáà ìjọ tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ló wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀wé nípa ẹ̀sìn ìbílẹ̀. E. M. Lijadu tẹ ìwé nípa Ifá jáde ní 1898, òmíràn sì tẹ̀ lé e ní 1908. James Johnson, tó sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Breadfruit ní Erékùṣù Èkó, tẹ tirẹ̀ ní 1899. Wọ́n ń kọ ọ́ láti fi wé ẹ̀sìn Kristẹni ni, síbẹ̀ ọpẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ní 1962, Bọ́lájí Ìdòwú, onímọ̀ nípa ẹ̀sìn, to ọ̀nà mẹ́ta tí Yorùbá gbà ń sọ bí ìpín ṣe ń dé ọwọ́ ẹni: àkúnlẹ̀yàn, èyí tí ènìyàn fúnra rẹ̀ yàn, àkúnlẹ̀gbà, èyí tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́, àti àyànmọ́, èyí tí wọ́n yàn mọ́ ọn. Ìtàn Àjàlá sún mọ́ ti àkọ́kọ́ jù. Ìdí nìyẹn tí olùsọ̀tàn wa fi kọ́kọ́ dárúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni ìgbàgbọ́ wà.

Ibi tí àwọn àgbà kò ti fohùn ṣọ̀kan kò ṣeé fi pamọ́. Àwọn kan ní ẹbọ àti ìbọrí lè tún orí ṣe, wọ́n sì fi ti Afùwàpẹ́ ṣe ẹ̀rí. Àwọn mìíràn ní ó kàn lè dẹ ìṣòro lọ́rùn ni, pé ohun tí a yàn kò ṣeé yí. Àwọn kan sì ní orí rere pàápàá lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ayé tàbí nípa ìwà ẹni tó ni ín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní gbólóhùn tirẹ̀ nínú fídíò náà, a kò sì ní kí olùsọ̀tàn yan èyí tó tọ́.

Níparí, a fi àkọsẹ̀jayé hàn, ìyẹn ìgbà tí wọ́n máa ń dífá fún ọmọ tuntun ní ọjọ́ kẹta. Ọ̀rúnmìlà ni wọ́n ń pè ní ẹlẹ́rìí ìpín, ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí a yàn. Òun ni àwọn òbí ń bi léèrè ohun tí ọmọ náà gbé bọ̀, àti ohun tí yóò jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀.