Ta Ló Jẹ 40 Kọ́bọ̀ Mi? Àlàfo Iye Ìrà àti Iye Ìtà Lórí Ìpín Tí Kì Í Yá Lọ́jà

Ìbéèrè: Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ra ìpín ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní ₦4.40 lórí ọjà ìpín Nàìjíríà. A ò gbọ́ ìròyìn kankan nípa wọn látìgbà náà. Mo fẹ́ tà á lónìí, wọ́n ní ₦4.00 lẹni tó fẹ́ rà á máa san. Ìpín báǹkì ńlá tí mo ní kì í ṣe mí báyìí. Ta ló jẹ 40 kọ́bọ̀ mi?

Ìdáhùn: Iye méjì ni ìpín kọ̀ọ̀kan máa ń ní lẹ́ẹ̀kan náà. BID tí o rí lójú fóònù ni iye tó ga jù lọ tí ẹnikẹ́ni ṣe tán láti fi rà á lọ́wọ́ rẹ ní ìṣẹ́jú yẹn. OFFER ni iye tó kéré jù lọ tí ẹnikẹ́ni gbà láti tà á fún ọ. Ẹni tó ń kánjú rà á máa san OFFER, ẹni tó ń kánjú tà á máa gba BID. Ẹni tó bá ti ṣẹ́ dọ́là rí mọ̀ ọ́n: iye tí wọ́n fi ń rà á lọ́wọ́ ẹni kì í bá iye tí wọ́n fi ń tà á féèyàn mu.

Àlàfo 40 kọ́bọ̀ yẹn ti wà níbẹ̀ kí o tó dé. Ká ní àárín méjèèjì, ₦4.20, ni ìpín náà tó lóòótọ́: o fi 20 kọ́bọ̀ lé e lọ́jọ́ tí o rà á, o sì fẹ́ fi 20 kọ́bọ̀ sílẹ̀ lónìí tí o fẹ́ tà á. Kò sí nínú ìwé tí bírókà fi ránṣẹ́ sí ọ, torí pé owó iṣẹ́ bírókà àti owó àwọn aláṣẹ ọjà wà lọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣírò owó bírókà dé orí kọ́bọ̀, tí wọn ò sì rí èyí tó ju ú lọ.

Pín in kí o tó fi wé ti báǹkì. 40 kọ́bọ̀ lórí ₦4.20 lé ní ₦9 lórí ₦100. Bí báǹkì rẹ bá wà ní ₦40.00 àti ₦40.10, 25 kọ́bọ̀ péré ni lórí ₦100.

Ìbéèrè: Ta wá ni ẹni tó kọ iye méjèèjì yẹn síbẹ̀?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ ẹni bíi tìrẹ, tó sọ fún bírókà rẹ̀ pé kó bá òun rà bó bá dé ₦4.00, tó sì lọ jókòó. Ó sì lè jẹ́ mákẹ́ẹ̀tì mékà. Bírókà ni mékà náà, àmọ́ iṣẹ́ tó gbà yàtọ̀: owó ara rẹ̀ ló fi ń dúró sójú ọjà láti rà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà, kó sì tà fún ẹni tó fẹ́ rà, kódà bí àwọn méjèèjì ò bá dé ní wákàtí kan náà. Ọdún 2012 ni ọjà ìpín Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n sẹ́nu iṣẹ́. Òfin wọn ni pé kí wọ́n gbé iye ìrà àti iye ìtà kalẹ̀ nígbà tí ọjà bá ṣí, kí ìpín tí wọ́n gbé kalẹ̀ tó ìwọ̀n kan, kí àlàfo àárín rẹ̀ má sì kọjá ààlà. Lórí àwọn ìpín kéékèèké, má retí pé ẹnì kan ń ṣe é tọkàntọkàn.

Ìbéèrè: Kí ló ń ná mékà náà tó fi gbọ́dọ̀ gba 40 kọ́bọ̀? Ṣé 2 kọ́bọ̀ ò tó o ni?

Ìdáhùn: Ohun méjì ló ń bà á lẹ́rù. Èkíní rọrùn: kí ọjà má dá dúró sí i lọ́wọ́. Ó ra 20,000 ìpín lọ́wọ́ rẹ. Bó bá jẹ́ ti báǹkì ńlá ni, ẹlòmíì á rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Lórí ìpín tìrẹ, ó lè di ọ̀sẹ̀ kan kí ẹni tó fẹ́ rà tó yọjú. Ní gbogbo àsìkò yẹn owó rẹ̀ há síbẹ̀, iye sì lè já lulẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ rà á ní iye tó máa bo ewu ọ̀sẹ̀ kan náà.

Èkejì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí: ẹ̀rù ẹni tó mọ̀ jù ú lọ. Mékà ò mọ ìdí tí o fi ń rà. Ó lè jẹ́ pé owó oṣù ló wọlé fún ọ. Ó sì lè jẹ́ pé àbúrò ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ni ọ́, o sì ti gbọ́ pé àdéhùn ńlá kan máa jáde lọ́la. Bí ẹni tó mọ̀ bá rà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dájú pé mékà ló máa pàdánù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìpín náà tó ₦4.20, mékà sì ń tà á ní ₦4.40. Ẹni tó mọ̀ kì í rà á àyàfi bí ìròyìn tó máa gbé e dé ₦5.20 bá ń bọ̀ lọ́la; bí àwọn yòókù bá rà á, ₦4.20 náà ló ṣì máa tó lọ́jọ́ kejì. Èèyàn mẹ́wàá wá rà á lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá mọ̀ nínú wọn, mékà jèrè 20 kọ́bọ̀ lára mẹ́sàn-án, èyí tó jẹ́ ₦1.80, ó sì pàdánù 80 kọ́bọ̀ lára ẹni tó mọ̀. ₦1 ló kù fún un. Bó bá jẹ́ pé ẹni méjì ló mọ̀, èrè ₦1.60, àdánù ₦1.60: ó ṣiṣẹ́ lásán. Bó bá di mẹ́ta, ó pàdánù ₦1. Yálà kó fẹ àlàfo náà sí i, tàbí kó palẹ̀ mọ́ kúrò níbẹ̀.

Wá gbé ìṣirò náà lọ sórí ìpín tí ẹni tó ń rà á pọ̀, níbi tó jẹ́ pé ẹyọ ẹnì kan ló mọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Kí mékà tà á ní ₦4.21 péré. Ó pàdánù 99 kọ́bọ̀ lára ẹni tó mọ̀, ó sì gba kọ́bọ̀ kan kan lọ́wọ́ àwọn 99 yòókù. Ó bọ́ síra. Òye mékà méjèèjì ò yàtọ̀, ìwọra wọn ò sì yàtọ̀. Àwọn tó wá sọ́jà ló yàtọ̀.

Nítorí náà, nínú 40 kọ́bọ̀ rẹ, apá kan ló dúró sápò mékà. Ó ń gba ìyókù lọ́wọ́ àwọn bíi tìrẹ láti fi dí ihò tí àwọn tó mọ̀ gbẹ́. Ìpín ilé-iṣẹ́ kékeré ló sì burú jù, torí pé àwọn oníròyìn àti àwọn ayẹ̀wò ìpín kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀pọ̀ ìpín náà sì wà lọ́wọ́ ìdílé tàbí àwọn olùdarí díẹ̀ tí wọ́n mọ ohun tó ń lọ nínú ilé. Bí àlàfo bá sì ti fẹ̀, àwọn tí kò mọ nǹkan kan á sá fún un, ìwọ̀n àwọn tó mọ̀ á tún pọ̀ sí i láàárín àwọn tó kù, àlàfo á tún fẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn ń fọwọ́ wẹwọ́ láti rẹ́ wa jẹ ni?

Ìdáhùn: Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, mi ò ní parọ́. Ní Násídáàkì, ọjà ìpín kan ní Amẹ́ríkà, ìdá mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n ń pín dọ́là sí láyé ọjọ́un, ìdá kan sì jẹ́ sẹ́ǹtì méjìlá ààbọ̀. Ní 1994, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, William Christie àti Paul Schultz, fi hàn pé lórí 70 nínú 100 ìpín tí wọ́n yẹ̀ wò, àwọn mékà fẹ́rẹ̀ẹ́ má lo ìdá kan, mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje rárá. Bí wọ́n bá fo àwọn ìdá wọ̀nyẹn, àlàfo ò lè kéré sí sẹ́ǹtì 25. Bí ìwé ìròyìn ṣe gbé e jáde ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àlàfo lórí àwọn kan nínú ìpín wọ̀nyí sún kì lójijì. Nígbà tó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n pè lẹ́jọ́ san owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là láti fi parí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìpín tó ń yá lọ́jà gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyẹn ló sì fa ìfura. Bí ìpín tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà láti àárọ̀ dalẹ́ bá ní àlàfo gbàgẹ̀dẹ̀, wádìí rẹ̀. Tìrẹ ò nílò ọ̀tẹ̀ kankan kó tó fẹ̀.

Ìbéèrè: 100,000 ìpín ni mo fẹ́ rà lápapọ̀. Ṣé 40 kọ́bọ̀ náà ni màá fojú sọ́nà fún?

Ìdáhùn: Ó máa jù bẹ́ẹ̀ lọ. ₦4.40 wà fún ìwọ̀nba ìpín tí wọ́n gbé síbẹ̀ nìkan. Ká ní 20,000 ló wà ní ₦4.40, 30,000 ní ₦4.50, 50,000 ní ₦4.60. Bí o bá gbá gbogbo rẹ̀, ₦453,000 lo máa san. Ní ìdàkejì, ká ní wọ́n fẹ́ 15,000 ní ₦4.00, 35,000 ní ₦3.90, 50,000 ní ₦3.80. Bí o bá tà á padà lójú ẹsẹ̀, ₦386,500 lo máa gbà. ₦66,500 ti lọ, ó sún mọ́ ₦15 lórí ₦100. Lórí ìpín báǹkì yẹn, 11,000 ìpín máa ná ọ ní ₦441,100, o sì máa gba ₦440,000 padà bí ìpín tó wà ní iye méjèèjì bá tó. ₦1,100 péré.

Èyí tó burú jù ni kí BID má sí rárá. Iye ò lè kọjá 10 lórí 100 lókè tàbí nísàlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan lórí ọjà wa, nítorí náà bí gbogbo èèyàn bá fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan, iye á kan ààlà, àwọn tó ń tà á tò, ẹni tó fẹ́ rà ò ní sí. Kí wọ́n tó yí òfin padà ní 2018, ìpín ò lè wálẹ̀ kọjá 50 kọ́bọ̀. Ìpín púpọ̀ ló dúró sí 50 kọ́bọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lórí ìwé, 50 kọ́bọ̀ lo ní. Lójú ọjà, kò sẹ́ni tó máa fún ọ ní nǹkan kan.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ ṣáájú, kí ni mo sì lè ṣe?

Ìdáhùn: Má gbẹ́kẹ̀ lé iye tí wọ́n kéde nígbà tí ọjà parí. Ó lè jẹ́ iye ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, torí pé òfin ọjà wa ní kí ìpín tó tó ìwọ̀n kan yí ọwọ́ kí iye náà tó lè yí padà. Ní kí bírókà rẹ fi ìtò àwọn tó fẹ́ rà àti àwọn tó fẹ́ tà hàn ọ́, pẹ̀lú iye ìpín tó wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà, má tẹ MARKET lórí irú ìpín yìí láé, torí iye yòówù tó bá wà lójú ọjà ni wọ́n máa fi rà á tàbí tà á fún ọ. LIMIT ni kí o tẹ̀, kí o sì kọ iye tìrẹ, bíi ₦4.15. BID tó ga jù lọ nìyẹn báyìí: ìwọ lo di ẹni tó ń dúró, ẹni tó bá ń kánjú tà ló sì máa wá bá ọ. Ó lè má dé lónìí, ó lè má dé rárá.

Ibi tó ti máa ń dun àwọn èèyàn ni pé wọ́n á gbé LIMIT kalẹ̀, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ìwọ náà ti di mékà kékeré nígbà tó wà níbẹ̀, ewu mékà sì ti di tìrẹ. Bí ìròyìn burúkú bá jáde ní aago mọ́kànlá àárọ̀, àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ló máa tà á fún ọ ní ₦4.15 kí o tó ṣí fóònù rẹ. Nítorí náà ọjọ́ kan ni kí o fún un, kí o sì tún un gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ kejì bí o bá ṣì fẹ́ ẹ.