Kíkí sálámà ní mọ́ṣáláṣí kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí

Sálámà ni àwọn Mùsùlùmí fi ń kí ara wọn ní mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó wọlé á ní "Àsàlámù àlékúmù", ìyẹn kí àlàáfíà máa bá yín, àwọn tó bá nílẹ̀ á dáhùn pé "Wà àlékúmù sàlámù". Ìmáàmù náà ò ní tiẹ̀ lọ́tọ̀ o, nǹkan kan náà ni wọ́n ń kí i. Ẹni tó ń wọlé ló máa kí ẹni tó jókòó, àwọn tí ò tó nǹkan á kí àwọn tó pọ̀, tí ẹnì kan bá sì dáhùn láàárín èrò, ó ti tó fún gbogbo wọn. Áyà 86 nínú Súrà Nísáì ló ní kéèyàn fi èyí tó dáa ju tẹni tó kíni lọ dáhùn, àbí kó kúkú dá a padà bó ṣe rí, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ kí wọ́n fi "wà ráhímátúláì wà bàrákátù" kún un.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wàhálà ti máa ń wà. Ká ní ẹnì kan pẹ́ dé, ìmáàmù ti wà lórí mínbárì, kútúbà, ìyẹn ìwàásù Jímọ̀, ti ń lọ. Kò gbọ́dọ̀ kígbe sálámà láti ẹnu ọ̀nà torí ó máa da ètí àwọn tó ń gbọ́ rú, hàdíìsì tó wà nínú ìwé Búhárì àti ìwé Múslímù, àwọn tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ, tiẹ̀ sọ pé ẹni tó bá sọ fún ẹnì kejì ẹ̀ pé "dákẹ́" nígbà kútúbà, òun náà ti sọ ọ̀rọ̀ asán. Nínú àwọn ẹ̀ka òfin ẹ̀sìn, àwọn Ṣáfíì àti Hánbálì ní kó kírun ràkáà méjì kúkúrú kó tó jókòó, àwọn Máálíkì àti Hánáfì ní kó jókòó ní tààrà. Tẹ́nì kan bá wá na ọwọ́ sí i nígbà yẹn, kò burú kó gbà á jẹ́jẹ́ láìsọ̀rọ̀.

Tí ìmáàmù bá ti ṣe sálámà sọ́tùn-ún àti sósì, ìrun ti parí nìyẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn á wá máa bọ ara wọn lọ́wọ́. Án-Náwáwì, onímọ̀ Ṣáfíì tó kú lọ́dún 1277, sọ pé bíbọwọ́ fúnra ẹ̀ súnà, ìyẹn ìṣe Ànábì, ni nígbà téèyàn bá pàdé, àmọ́ kéèyàn yà á sọ́tọ̀ fún ẹ̀yìn ìrun Súbúhì àti Ásárì ò ní ìpìlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí i bíi nǹkan tó burú. Ohun tó ń bí àwọn èèyàn nínú ju èyí lọ ni kí ẹnì kan máa fa ẹni tó ń ṣe tẹsúbáà lọ́wọ́, àbí ẹni tó pẹ́ dé tó ń dìde láti parí ràkáà tó kù ún. Ẹ wojú ẹ̀ ná, tí ètè ẹ̀ bá ṣì ń mì, ẹ ní sùúrù.

Tẹ́ni náà bá wá fẹ́ máa lọ, ó tún máa kí sálámà, torí hàdíìsì sọ pé ti ìwọlé ò lẹ́tọ̀ọ́ ju ti ìjáde lọ.