Ẹ má tíì ra Mbps kún torí géèmù

Bí ẹ bá ń gbèrò láti sanwó kún Mbps, ìyẹn ìyára íńtánẹ́ẹ̀tì yín, torí géèmù tó ń ṣiṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì dípò orí ẹ̀rọ yín, ẹ mú sùúrù ná.

Inú kọ̀ǹpútà alágbára kan nílùú mìíràn, èyí tí à ń pè ní sáfà, ni irú géèmù bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, àṣẹ yín á lọ bá sáfà. Sáfà á ya àwòrán tuntun, á fún un mọ́ra bíi fídíò, á sì dá a padà sí ojú ẹ̀rọ yín. Nǹkan bí ìgbà 60 ló ń yàwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Fídíò yìí ló ń jẹ Mbps. GeForce NOW ti Nvidia, tó ń gbé irú géèmù bẹ́ẹ̀ wá, ń béèrè 15 Mbps fún àwòrán 720p, 25 fún 1080p. Fíbà tó dáa ní Wuse tàbí Gwarinpa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Dátà fóònù ló máa dun èèyàn: ní 15 Mbps, wákàtí kan sún mọ́ 7 GB!

Níbi àkókò àlọ àti àbọ̀ àṣẹ yín ni wàhálà wà. Nvidia fẹ́ kó wà lábẹ́ 80 ms, kó tilẹ̀ má tó 40 bó bá ṣeé ṣe. (1,000 ms ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan.) Ká ní Lọ́ńdọ̀nù ni sáfà wà. Láti Àbújá, àṣẹ yín á kọ́kọ́ gba orí ilẹ̀ dé Èkó, kó tó bọ́ sínú wáyà abẹ́ òkun. MainOne, ọ̀kan lára irú wáyà bẹ́ẹ̀, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 2010, gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà dé Pọ́túgà. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 200 kìlómítà nínú fíbà láàárín 1 ms. Àlọ jẹ́ 35, àbọ̀ jẹ́ 35: 70 ms ti lọ sínú òkun nìkan, a ò tíì ka ọ̀nà Èkó tàbí ti Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹ tiẹ̀ ra 200 Mbps, òkun ò ní kúrú.

Speedtest, tí a fi ń wọn íńtánẹ́ẹ̀tì, sì máa ń tanni jẹ, torí sáfà tó wà nítòsí ló ń yàn fúnra rẹ̀. Ẹ fọwọ́ yí i sí London, kí ẹ tó wo Ping, ìyẹn iye ms àlọ àti àbọ̀.

Ohun tí ẹ lè tún ṣe wà nínú ilé. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ tẹ èyí sínú Command Prompt, kí ẹ fi àdírẹ́sì ráútà yín rọ́pò bó bá yàtọ̀:

```
ping -n 50 192.168.1.1
```

Bí iye ms rẹ̀ bá ń fò láti 2 sí 60, waífáì yín ló ń dààmú yín. Ẹ fi wáyà so ẹ̀rọ mọ́ ráútà, tàbí kí ẹ bọ́ sórí waífáì 5 GHz. Bó bá dúró sí 1 tàbí 2, àmọ́ tí Ping Lọ́ńdọ̀nù ń fò nígbà tí ẹnìkan nílé bá ń wa fíìmù jáde, ẹ ní kó dúró díẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, tí Lọ́ńdọ̀nù ṣì wà ní 110, géèmù ìbọn àti bọ́ọ̀lù á máa pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ayò àti géèmù tí kálukú ti ń dúró de ìgbà tirẹ̀ ò ní í yọ yín lẹ́nu.