Ẹgbẹ́ géèmù nílé ìwé: ìbéèrè àwọn òbí Ìbàdàn àti ìdáhùn

Ilé ìwé ọmọ mi kọ lẹ́tà pé àwọn máa dá ẹgbẹ́ géèmù sílẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀. Ṣé wọ́n ti wá di géèmù sẹ́ńtà ni?

Rárá o. Ní géèmù sẹ́ńtà, ẹni tó lówó lọ́wọ́ ló ń gbá, owó ló sì ń sọ ìgbà tó máa dìde. Ẹgbẹ́ ilé ìwé ní ọjọ́ tirẹ̀, àkókò tirẹ̀, olùkọ́ tó dúró tì wọ́n, àti àtẹ ìdíje tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kí gbogbo ayé lè rí i. Géèmù ti kúrò lọ́rọ̀ eré ọmọdé lásán: níbi Ìdíje Ilẹ̀ Éṣíà tó wáyé ní Hangzhou, ní Ṣáínà, ní 2023, wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ góòlù dá àwọn tó gbégbá orókè nínú rẹ̀ lọ́lá. Àmọ́ Ìbàdàn la wà. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọmọ mọ́kànlá, ẹ̀rọ géèmù méjì, àti iná tó ń wá tó ń lọ.

Géèmù wo ni wọ́n máa gbá?

Ẹgbẹ́ tó bá gbọ́n á fi bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. EA Sports FC ni orúkọ rẹ̀ láti 2023, àmọ́ FIFA lẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ. Kò sí ìbọn nínú rẹ̀, èèyàn méjì ló ń kojú ara wọn, kì í sì í pẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni apá tí wọ́n ń gbá. Kick Off ni kó jẹ́, kì í ṣe Ultimate Team, torí pé nínú Ultimate Team, ẹni tí bàbá rẹ̀ bá lè náwó lè ra agbábọ́ọ̀lù tó lágbára ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ.

Ṣé kì í ṣe ọjọ́ Jímọ̀ ló yẹ kí wọ́n fi sí?

Ọjọ́rú dáa ju ìyẹn lọ. Ọjọ́ Jímọ̀, àwọn ọmọ tó ń lọ kírun kò ní tètè dé, wọ́n á sì ti pín àtẹ tán lẹ́yìn wọn. Aago méjì ààbọ̀ sí mẹ́rin ààbọ̀ tó, kí ọmọ tó ń lọ sí Mọníyà tàbí Apẹ̀tẹ̀ lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Wọ́n ní ọmọ mi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Ṣé torí pé kò mọ̀ ọ́n gbá ni?

Bóyá, àmọ́ òun gan-an ni ìdíje wà lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé ló ń kọ àmì ayò àti ìṣẹ́jú tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀. Rẹfirí ń dá ẹjọ́, olùtọ́jú ẹ̀rọ ń ka páàdì kó tó ṣílẹ̀kùn àti kó tó tì í, kápútéènì sì ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọmọ kó tó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́. Òfin kan ṣoṣo tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ gbá kì í ṣe rẹfirí tàbí akọ̀wé eré tirẹ̀.

Àwọn márùn-ún kan bọ́ sí ìpele kejì láìgbá nǹkan kan. Ṣé kì í ṣe ojúsàájú nìyẹn?

Ibí ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká rọra ṣàlàyé rẹ̀. Àtẹ tí ẹni tó bá fìdí rẹmi fi ń lọ ilé máa ń gún régé bí iye àwọn tó ń díje bá jẹ́ 4, 8 tàbí 16. Mọ́kànlá kò bọ́ sí èyíkéyìí. A máa wo nọ́ńbà tó tóbi ju mọ́kànlá lọ tó sì sún mọ́ ọn jù, ìyẹn 16. Ohun tó ṣẹ́ kù láàárín wọn jẹ́ márùn-ún, àyè márùn-ún yìí ló máa ṣófo. Àwọn tí àyè òdìkejì wọn ṣófo ló ń kọjá láìgbá.

Ìbéèrè tó kù ni pé ta ló yẹ kó gba àyè náà. Àwọn tó wà ní ipò 1 sí 5 ni. Àwọn mẹ́fà yòókù á gbá báyìí: 6 á kojú 11, 7 á kojú 10, 8 á kojú 9. Nígbà náà la ó ní mẹ́jọ: 1 á pàdé ẹni tó borí láàárín 8 àti 9, 4 á pàdé 5, 2 á pàdé ẹni tó borí láàárín 7 àti 10, 3 á sì pàdé ẹni tó borí láàárín 6 àti 11. Ẹni tó bá pín in báyìí, 1 àti 2 kò lè pàdé títí di àṣekágbá. Bí ẹ bá rí àtẹ tí 1 àti 2 ti pàdé ní ìpele kejì, ẹ béèrè ẹni tó fà á.

Eré mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀, torí pé èèyàn mẹ́wàá ló gbọ́dọ̀ fìdí rẹmi kó tó ku ẹnì kan. Bí ìdajì kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà, eré kan pẹ̀lú ìmúra kò ní ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ̀rọ méjì lè parí rẹ̀ ní wákàtí méjì géérégé, bí ẹnikẹ́ni kò bá pẹ́, tí iná kò sì lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n pín in sí Ọjọ́rú méjì.

Ta ló sọ pé ẹnì kan wà ní ipò kìíní?

Ní ìdíje àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó mọ̀. Kí olùkọ́ kọ orúkọ sínú ìwé wẹ́wẹ́, kó jù ú sínú fìlà, kí ọmọ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ sì máa fà á níṣojú gbogbo wọn. Láti ìdíje kejì lọ, èsì ti tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n fi tò ó. Kí olùkọ́ má fi ojú ara rẹ̀ tò ó láé, ì báà jẹ́ pé òun ló mọ̀ ọ́n jù.

Ọmọ mi ṣe ìmúra fún oṣù kan, ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?

Ó wà. Kí wọ́n ya àtẹ kejì, kí ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú àkọ́kọ́ bọ́ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kó tó lọ ilé. Eré náà á di ogún, nígbà mìíràn mọ́kànlélógún. Kí wọ́n fún un ní Ọjọ́rú mẹ́ta, torí pé àwọn tó ń dúró de ara wọn pọ̀ nínú àtẹ kejì.

Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín eré ńkọ́?

Ìwé akọ̀wé ló máa yanjú rẹ̀. Ó ń kọ gbogbo góòlù bó ṣe wọlé, ó sì ń kọ àmì ayò ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti aago inú géèmù. Ká ní iná lọ ní ìṣẹ́jú 60, tí àmì ayò jẹ́ 2 sí 1: tí iná bá dé, wọ́n á ṣí eré tuntun, wọ́n á gbá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré lórí aago náà, wọ́n á sì fi góòlù kún ti tẹ́lẹ̀. Kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́rin tiwa lọ. Bí òfin yìí kò bá sí nínú ìwé kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń nà ló máa kọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n tún un gbá látòkè.

Kí olùtọ́jú ẹ̀rọ yọ gbogbo wáyà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì bí iná bá ti lọ, kó sì dúró díẹ̀ kó tó dá a padà. Iná tó bá ń bọ̀ pẹ̀lú agbára ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́.

Ṣé kò ní di tẹ́tẹ́ báyìí?

Owó ìforúkọsílẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bí owó náà bá lọ sí orí páàdì tuntun tàbí epo jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n sì fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn yín, kò burú. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dá owó, kí ẹni tó borí wá kó gbogbo rẹ̀, tẹ́tẹ́ ni. Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ìwé lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì ní kí ọmọ yín gba owó rẹ̀ padà.