Ìwé jẹ́n tó mọ́ tónítóní, ẹ̀rù ẹ̀ ló ń bà mí

Ó ti ń sú mi o. Ibi yòówù kí n ti lọ yẹ ìwé ìtọ́jú ẹ̀rọ wò n'Ìbàdàn yìí, nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n á fi yangàn fún mi ni pé ìwé àwọn mọ́. Kò síbi tí wọ́n ti fàlà sí nǹkan, kò sí àbàwọ́n ọ́ìlì, gbogbo ìlà gún régé bíi ti ọmọ tó ń kọ̀wé fún tíṣà. Wọ́n á wá máa wojú mi, kí n máa yìn wọ́n. Wọ́n gbà lọ́kàn wọn pé tí ọ́dítọ̀ bá rí ìwé tí wọ́n ti fa nǹkan rẹ́, wọ́n gbé nìyẹn, torí náà ó yẹ kéèyàn tún un kọ tó bá parí oṣù, kó mọ́.

Irọ́ ni jàre. Mi ò tiẹ̀ ní máa bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí pé ó yẹ kéèyàn ní ìwé ọ̀hún, ẹni tó ní jẹ́n tí kò níwèé, Ọlọ́run á ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ títún-un-kọ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan wà lápá Olúyọ̀lé níbẹ̀ yẹn, mi ò ní dárúkọ wọn. Àlàájà tó ni ín ló pè mí lọ́jọ́ kan pé kí n wá bá òun wo nǹkan, ọmọ tó ń bá òun tan jẹ́n ti ń jí dísù. Ó ti ṣírò ẹ̀ sílẹ̀ dè mí. Jẹ́n yẹn, tó bá ń fa ẹ̀rọ tó ń sé náílọ̀n pẹ̀lú pọ́ọ̀mpù, lítà 4 ló ń jẹ ní wákàtí kan, ó lè lé díẹ̀, ó lè dín díẹ̀. Ìwé oṣù yẹn wí pé wákàtí 4 ló ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, ọjọ́ 30, ó di wákàtí 120. Lítà 480 nìyẹn. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tó wọnú jẹ́n lóṣù yẹn jẹ́ 30, ìyẹn 750. Lítà 270 ti wọlẹ̀. Ọmọ náà ń sunkún, "Àlàájà, ẹ dákun, mi ò jí nǹkan kan," Àlàájà ń sọ pé àwọn ọlọ́pàá ló máa gbọ́ tẹnu ẹ̀.

Mo gbàwé. Ó mọ́, ẹ ò rí nǹkan! Báírò búlúù kan náà láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ọgbọ̀n, ọwọ́ kan náà, 4, 4, 4, 4 títí dé ìsàlẹ̀. Mo wá bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni Iléyá lóṣù yẹn. Wọ́n sọ ọ́. Ṣé ẹ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn? Wọ́n ní rárá o, gbogbo èèyàn lọ kírun ni. Ìwé wí pé jẹ́n ṣiṣẹ́ wákàtí 4 lọ́jọ́ Iléyá. Ta ló tàn án, àgbò?

Ìgbà yẹn ni àṣírí tú. Akọ̀wé ọ́fíìsì ló ń kọ ìwé yẹn, kì í ṣe ọmọ tó ń tan jẹ́n. Ọmọ yẹn ní jọ́tà kékeré kan tó máa ń tì sẹ́yìn bátìrì, ibẹ̀ ló ń kọ nọ́ńbà mítà tó ń ka wákàtí tí jẹ́n ti ṣiṣẹ́ sí láràárọ̀. Tí oṣù bá parí, akọ̀wé á gba jọ́tà, á ṣe é bó ṣe yé e, tí ọwọ́ ìkọ̀wé bá ṣòro kà, á fojú wọ̀n ọ́n, á kọ "4," ìwé á mọ́. Wọ́n á wá ju jọ́tà nù. Ti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà ló lọ, àkàrà ló fi pọ́n. Èyí tó kù yìí, epo ọ́ìlì ti fẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́ tán.

Mo jókòó, mo kà á. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mítà wà ní 3,498. Èmi fúnra mi lọ wo mítà lójú jẹ́n láàárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù tó tẹ̀ lé e, 3,687. Ẹ yọ ọ́ kúrò: wákàtí 189. Ẹ fi 189 pín 750, ó fẹ́ẹ̀ tó lítà 4 géérégé. Ọmọ yẹn ò jí nǹkan kan, tàbí kí n sọ pé ìwé ò fi hàn pé ó jí i, torí wọn ò wọn dísù tó kù sínú táńkì lọ́jọ́ kìíní àti lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, nítorí náà mi ò lè búra délẹ̀délẹ̀. Ṣùgbọ́n lítà 270 yẹn, inú báírò akọ̀wé ló ti jáde wá.

Èyí tó tún burú jùyẹn lọ rèé. Mẹkáníìkì ti fi téèpù funfun kọ ọ́ sára fíltà pé 3,410 ni wọ́n pa ọ́ìlì dà. Wákàtí 250 ni ìwé tó bá jẹ́n yẹn wá fi sí, bó ṣe máa ń rí lára ọ̀pọ̀ jẹ́n dísù nìyẹn (ẹ wo tiyín o, kò dọ́gba). Ó yẹ kí wọ́n pa á dà ní 3,660. Ìwé tó mọ́ ní 3,498 lé 120 di 3,618, ó ṣì ku wákàtí 42, ọkàn gbogbo èèyàn balẹ̀. Mítà ní ó ti lé wákàtí 27. Tó bá jẹ́ pé oṣù mẹ́ta sí i ni wọ́n fi fi "4" tan ara wọn, ẹ́ńjìnì ni ì bá fi orí fá a.

Ibi tó ń bí mi nínú gan-an rèé, ẹ jẹ́ n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ìwé tí wọ́n tún kọ yẹn ni ojúlówó, pé jọ́tà jẹ́ pálapàla lásán. Òdì ni. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ, lọ́wọ́ ẹni tó rí i, lásìkò tó rí i, òun ni ìwé. Èyí tẹ́ ẹ tún kọ, ẹ̀dà ni, kódà kó mọ́ ju aṣọ Iléyá lọ. Àwọn tó ń ṣe òògùn òyìnbó ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní ALCOA, nǹkan márùn-ún ló ń béèrè: ta ló kọ ọ́, ṣé ó ṣeé kà, ṣé àkókò tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, ṣé òun gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, ṣé ó péye. Ẹ wò ó, kò sí "ṣé ó mọ́" níbẹ̀. Ṣeé kà, bẹ́ẹ̀ ni. Mọ́, rárá.

Ẹnì kan á ní tó bá wá ṣe àṣìṣe ńkọ́. Ọjọ́ kẹwàá nínú jọ́tà ọmọ yẹn, ó ti kọ 3,516, ó wá rí i pé òun yí nọ́ńbà padà, 3,561 ni. Ó fi báírò kọ ọ́ lé e lórí kikankikan títí ìwé fi fẹ́ẹ̀ ya, kò sẹ́ni tó lè mọ èwo lèwo mọ́, ibẹ̀ gan-an ni akọ̀wé ti sọ̀rètí nù. Ohun tí ì bá ṣe ò le. Kó fa ìlà kan ṣoṣo la 3,516 kọjá, kéèyàn ṣì lè kà á. Kó kọ 3,561 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kó fi lẹ́tà orúkọ ẹ̀ síbẹ̀, kó kọ déètì, kó wá sọ ìdí ẹ̀ ní gbólóhùn kékeré, "mo yí nọ́ńbà padà." Ó tán. Ọ́dítọ̀ á wòkè, á rí i pé àná ẹ̀ jẹ́ 3,554, mítà kì í rìn sẹ́yìn, nítorí náà 3,516 ò lè jẹ́ òótọ́, 3,561 bá a mu. Àṣìṣe tí wọ́n fi sílẹ̀ kó hàn yẹn gan-an ló jẹ́ kó gba gbogbo ìyókù gbọ́. Tẹ́ ẹ bá wá da típẹ́ẹ̀sì bò ó, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ bò mọ́lẹ̀.

Ìwé tí mo wá bá wọn là kò ní àrà nínú. Ẹ̀rọ kan, oṣù kan, ojú ìwé kan, ìlà kan fún ọjọ́ kan, ojú ìwé ti ní nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn látilẹ̀ kí wọ́n má baà lè ya ọ̀kan sọnù. Mo yọ àyè "iye wákàtí tó ṣiṣẹ́" kúrò pátápátá, torí òun ló ń pe irọ́. Ohun tí mítà wí ni mo ní kí ọpérétọ̀ kọ, pẹ̀lú aago tó wò ó. Ẹlòmíì ló máa yọ ọ́ kúrò nínú ara wọn, kì í ṣe òun. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́ẹ̀gì mélòó ló dà sí i, kí ló rí, kí ló ṣe, ta ló ṣe é, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ṣe é ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ tí jẹ́n ò bá ṣiṣẹ́, kó kọ "kò ṣiṣẹ́," kó ṣì kọ nọ́ńbà mítà, torí òfìfo àyè ni wọ́n máa ń padà wá kún. Tó bá gbàgbé kọ nǹkan lánàá, ìlà tó kàn ni kó kọ ọ́ sí, pẹ̀lú déètì òní àti "tàná ni, mo gbàgbé," kó má wá ọgbọ́n há a sáàárín. Ìwé yẹn á sì wà nínú ilé jẹ́n níbi tí iṣẹ́ wà, kí wọ́n fi okùn so báírò mọ́ ọn. Ọ́ìlì á kàn án. Kó kàn án.

Ó ku ibì kan tí kò rọrùn, ìyẹn mítà fúnra ẹ̀. Ó máa ń bàjẹ́, tí wọ́n bá yọ wáyà ẹ̀ kò ní kà. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀, ẹ kọ ibi tí tàtijọ́ dúró sí àti ibi tí tuntun ti bẹ̀rẹ̀, ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ sáìnì. Ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé á dà bíi pé jẹ́n padà di ọmọ tuntun.

Ṣé gbogbo èyí máa wá dá olè dúró? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ lè purọ́ lásìkò, kó sáìnì ẹ̀. Ohun tó kàn ń ṣe ni pé irọ́ á nira láti bá mítà, kẹ́ẹ̀gì àti rìsíìtì mu lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń jókòó kọ ìwé oṣù mẹ́fà lóru kan torí pé NAFDAC ń bọ̀ lọ́la, ẹ má dán an wò mọ́. Mo ti rí ibi tí ìwé ti ní wọ́n pààrọ̀ fíltà lọ́jọ́ kejìlá, rìsíìtì tí wọ́n fi ra fíltà náà ní Géètì sì ń sọ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Ti jẹ́n ò tó ogún ọdún, ọjọ́ mẹ́ta péré ni.

Àlàájà bẹ ọmọ yẹn, ó fún un lówó ọkọ̀, wọ́n pa ọ́ìlì dà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ ló wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé òun ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ o, ó ti yé òun, ṣùgbọ́n ṣé kò sí bí akọ̀wé ṣe lè bá òun tún jọ́tà yẹn kọ díẹ̀, kó kàn mọ́.